Kóńgò Kan, Ìdí Mélòó?

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ìbéèrè kan ti ń yọ mí lẹ́nu. Obìnrin àgbẹ̀ kan ló bi mí ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn, ó sì bi mí bí ẹni tó ń bèèrè iye tí wọ́n ń ta ata lọ́jà. Ó ní, "Ọmọ mi, kóńgò kan, ìdí mélòó ni yóò tó?" Ìwé ìléwọ́ tí mo fi odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta túmọ̀ wà lọ́wọ́ mi. Mo wo iwájú rẹ̀, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí a ṣe ń fi ajílẹ̀ sí àgbàdo wà níbẹ̀ láti orí dé ìdí, àfi ohun tí màmá yìí fẹ́ mọ̀.

Iṣẹ́ ìtumọ̀ ni mo fi ń jẹun. Mo ti túmọ̀ ìwé oògùn, mo ti túmọ̀ fọ́ọ̀mù báńkì, mo sì ti túmọ̀ ìwé ilé ẹjọ́ tí kò yé ẹni tó kọ ọ́ pàápàá. Nígbà tí wọ́n gbé ìwé ajílẹ̀ yìí fún mi, ojú ewé méjì péré, mo rò pé iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ni.

Àpò mẹ́jọ fún hẹ́kítà kan

Ohun tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì náà wí kò pọ̀. Kí àgbẹ̀ gbin àgbàdo ní méjì-méjì sínú ihò, kí àárín ìlà kan sí èkejì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 75, kí àárín ìdí kan sí èkejì jẹ́ 50. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá sí ọ̀sẹ̀ méjì tó gbìn ín, kó fi àpò mẹ́jọ ajílẹ̀ tí wọ́n kọ 15-15-15 sí lára sí hẹ́kítà kan. Tó bá di ọ̀sẹ̀ karùn-ún tàbí ìkẹfà, kó fi kílò 130 ajílẹ̀ yúríà tẹ̀ lé e.

Ẹnì kan ti kọ́kọ́ gbìyànjú láti túmọ̀ rẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti lo ọ̀rọ̀ "broadcast" láti ní kí àgbẹ̀ má fọ́n ajílẹ̀ ká orí ilẹ̀, ó rò pé ọ̀rọ̀ rédíò ni, ó kọ ọ́ pé, "Ẹ má ṣe polongo ajílẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹ̀rín yẹn ni mo máa ń rántí báyìí tí ojú ara mi bá ń tì mí, nítorí àṣìṣe tèmi tóbi ju tirẹ̀ lọ, àfi pé kò hàn síta ni.

Mo fi ara ènìyàn rọ́pò rúlà. Sẹ̀ǹtímítà 75 di ìṣísẹ̀ kan, sẹ̀ǹtímítà 50 di ìgbọ̀nwọ́ kan àti ìka méjì. Wọ́n ní kí ajílẹ̀ jìnnà sí ìdí àgbàdo díẹ̀, mo kọ ọ́ pé kí àgbẹ̀ to ìka ọwọ́ rẹ̀ mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ ìdí náà, kó gbẹ́ ihò sí ibi tí ìka kẹrin parí sí, kí ihò náà jìn dé oríkèé kejì ìka ìlábẹ̀. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún di ìgbà tí àgbàdo bá dé orúnkún. Gbogbo èyí lọ geere.

Wíwọ̀n ajílẹ̀ ni kò rọrùn. Bí a bá gbin àgbàdo bí ìwé náà ṣe wí, ìdí tí yóò wà lórí hẹ́kítà kan á tó 26,667. Àpò mẹ́jọ jẹ́ 400 kílò. Tí a bá pín in kárí, gíráàmù 15 ló kan ìdí kọ̀ọ̀kan, yúríà sì kàn án ní gíráàmù márùn-ún. Ta ló fẹ́ gbé ìwọ̀n gíráàmù lọ sóko? Mo ra irú ìwọ̀n kékeré tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò, mo ṣa ìdérí ìgò mínírà jọ nílé ọtí tó wà ládùúgbò mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n. Ìdérí kan tó kún pẹrẹsẹ gba nǹkan bíi gíráàmù mẹ́ta. Tó bá kún téńté, ó tó márùn-ún. Ìdérí mẹ́ta téńté fún ìdí kan, gíráàmù 15 gééré! Mo pe ayàwòrán wa lóru ọjọ́ yẹn, mo ní kó ya ìdérí ìgò mẹ́ta, kó yà á gàdàgbà kí arúgbó náà lè rí i.

Lábẹ́ igi máńgòrò

Èmi àti ọ̀gá kan tó ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ níṣẹ́ la jọ gbé ìwé náà lọ sí abúlé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Àwọn mẹ́jọ jókòó tì wá, mẹ́ta nínú wọn ló lè kàwé. A ti fẹnu kò pé a kò ní ṣàlàyé ohunkóhun. A fún wọn ní ìwé, a ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí níbí?"

Bàbá kan mú ìwé, ó yí i díẹ̀ sí ibi tí oòrùn wà. Ó ní òun rí àgbàdo, òun sì rí ìdérí ìkòkò mẹ́ta. Mo ní, "Ìdérí ìkòkò kẹ̀, Bàbá?" Ó ní, "Ṣé kì í ṣe òun nìyí? Ó fẹ̀ ju ewé àgbàdo lọ." Òótọ́ ni. Nítorí kí ó lè hàn, a ti jẹ́ kí ìdérí ìgò ga tó àgbàdo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ fojú inú wo ìdérí ìkòkò mẹ́ta tó kún fún ajílẹ̀ lórí àgbàdo ọ̀sẹ̀ méjì.

Àwòrán kejì tún burú jù bẹ́ẹ̀. A ya ajílẹ̀ tí wọ́n dà lé ìdí àgbàdo gan-an, a sì fi ìlà méjì pupa dábùú ara wọn lé e lórí, irú èyí tí tíṣà máa ń fi sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ tí ọmọ kò gbà. Àwọn mẹ́ta tó kàwé mọ̀ pé "ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀" ni. Nínú àwọn márùn-ún tó kù, ẹni méjì ní ibi tí a ti ṣàmì sí ni ibi tí a ní kí wọ́n da ajílẹ̀ sí. Ìdí wà fún èrò wọn, nítorí bí ẹni tó ń wọn ilẹ̀ bá fẹ́ kí o mọ ibi tí òpó yóò wà, ibẹ̀ náà ló máa ṣàmì sí.

Màmá tí mo ń sọ yìí kò tíì sọ nǹkan kan. Orí àpótí ló jókòó sí lẹ́yìn wọn, ọmọ ọmọ rẹ̀ sùn sí i lẹ́sẹ̀. Nígbà tí gbogbo wa dákẹ́ ló wá béèrè ọ̀rọ̀ kóńgò rẹ̀. Dípò kí n dá a lóhùn, èmi náà bi í ní ìbéèrè: "Màmá, ilẹ̀ yín tó hẹ́kítà mélòó?"

Ó wò mí bí ìgbà tí èèyàn ń wo ọmọ tí kò gbọ́ràn. Ó ní, "Ọmọ mi, n kò mọ ìyẹn. Kóńgò mẹ́ta lowó ọwọ́ mi ká. Ibi tí yóò parí sí ni mo fẹ́ mọ̀, kí ó má baà tán mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín oko."

Ọ̀gá tó bá mi lọ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó rín in. Bàbá onídérí-ìkòkò ní, "Òun gan-an nìyẹn."

Ìṣirò ṣì wà ní Gẹ̀ẹ́sì

Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Ilẹ̀ ni ìwé wa fi bẹ̀rẹ̀: bí ilẹ̀ rẹ bá tó báyìí, lọ ra báyìí. Owó ni màmá fi bẹ̀rẹ̀: bí mo bá rí báyìí rà, ibo ni yóò dé? Lọ́jà wọn, ẹni tó ń ra odindi àpò kò pọ̀. Olùtajà á tú àpò, á gbé kóńgò lé e, á sì máa wọ̀n ọ́n bí ìgbà tó ń wọn gààrí. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ inú ìwé náà di Yorùbá, ìṣirò inú rẹ̀ ṣì wà ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ àti ìka tún un ṣe lójú, mo gbàgbé pé orí ló kọ sí ibi tí ẹsẹ̀ yẹ kó wà.

Bí mo ṣe padà dé Ìbàdàn, mo lọ ra kóńgò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní ọjà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mo sì bu fífítìn kún wọn. Fífítìn ni àwọn àgbẹ̀ ń pe 15-15-15, orúkọ yẹn náà ni mo sì padà lò nínú ìwé. Kóńgò àkọ́kọ́ wọn kílò kan àtààbọ̀ lé díẹ̀. Èkejì tí wọ́n ti fi òkúta lu ìdí rẹ̀ wọlé kò pé kílò kan àtààbọ̀. Mo fi wọ́n sí kílò kan àtààbọ̀, mo pín in sí gíráàmù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọgọ́rùn-ún ìdí ló bọ́ sí.

Ẹ rò ó wò, ó bọ́ sí ọgọ́rùn-ún láìṣẹ́kù! Kóńgò kan, ọgọ́rùn-ún ìdí. Kóńgò méjì, igba ìdí. Igba sì ni àwọn tó ń kọ ebè fi ń ka iṣẹ́ wọn láti ọjọ́ pípẹ́, òun ni wọ́n fi ń gba owó, kò sí àgbẹ̀ tó ń wá ẹ̀rọ ìṣirò kó tó mọ bí igba ṣe tó. Ìwọ̀n tí mo ń wá kiri ti wà lẹ́nu wọn kí n tó débẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ màmá kò tíì tán. Oko rẹ̀ ju ọ̀ọ́dúnrún ìdí tí kóńgò mẹ́ta yóò ká lọ dáadáa. Ṣé kó fún ọ̀ọ́dúnrún ní oúnjẹ àyó, kí ìyókù máa wòran, àbí kó pín in kéékèèké kárí? Èmi àti ọ̀gá jiyàn lórí èyí fún ọjọ́ méjì. Ó ní ohun tí ìwé wí ni kí ó ṣe. Èmi kò gbà. Ní Nìjẹ̀r, Màlí àti Bùkínà Fásò, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ àjọ ìwádìí ọ̀gbìn tí wọ́n ń pè ní ICRISAT ti kọ́ àwọn àgbẹ̀ ọkà láti máa fi bíi gíráàmù mẹ́fà péré sí ìdí kọ̀ọ̀kan, ìdérí ìgò yìí náà sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ohun tí wọ́n rí ni pé gíráàmù àkọ́kọ́ tó bá kan ìdí ọ̀gbìn ló ń ṣe iṣẹ́ jù, èyí tó bá tẹ̀ lé e kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe tó o. Àmọ́ ọkà bàbà àti ọkà jéró ni tiwọn, wọ́n máa ń jìnnà síra lórí ilẹ̀, òjò wọn kò sì tó tiwa. A kò lè jí ìdérí wọn kó, ká gbé e wá fún àgbàdo Òkè-Ògùn, ká ní ó parí.

Ibi tí a parí rẹ̀ sí ni pé kí ìlà méjì wà nínú ìwé. Ìlà òkè: ìdérí mẹ́ta, kóńgò kan á tó ọgọ́rùn-ún ìdí. Ìlà ìsàlẹ̀ wà fún ẹni tówó rẹ̀ kò ká a: ìdérí kan, kóńgò kan á tó ọ̀ọ́dúnrún, àgbàdo náà kò ní tóbi tó ti òkè, ṣùgbọ́n yóò dára ju èyí tí kò jẹ nǹkan kan lọ. Nígbà tí mo ka ìlà ìsàlẹ̀ yẹn fún màmá lórí fóònù, ó ní bí a bá gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó.

Ajílẹ̀ kò gba èènì

Ìdérí "téńté" náà tún fẹ́rẹ̀ẹ́ kó bá mi. Lọ́jà wa, ẹni tó bá wọn nǹkan fún ọ láìfi èènì sí i, o kò ní padà síbẹ̀. Ọwọ́ àgbẹ̀ wa ti mọ́ èènì, bó bá sì ní ká bu téńté, á bu tirẹ̀ títí yóò fi máa dà sílẹ̀, á sì fi díẹ̀ lé e nítorí àgbàdo yìí tẹ́ẹ́rẹ́. Nínú oúnjẹ, inú rere nìyẹn. Lórí àgbàdo ọ̀sẹ̀ méjì, iyọ̀ ni ajílẹ̀, ó máa ń fa omi kúrò lára gbòǹgbò. Tó bá pọ̀ jù tàbí tó sún mọ́ ìdí jù, etí ewé àti ṣóńṣó rẹ̀ á gbẹ bí ohun tí iná rà, àgbàdo á rọ lọ́sàn-án bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ tutù. Àgbẹ̀ tó bá rí i á rò pé ajílẹ̀ ayédèrú ni wọ́n tà fún òun.

Nítorí náà mo yọ àmì pupa tó dábùú ara wọn kúrò, a fi àwòrán àgbàdo méjì sí ibẹ̀. Ọ̀kan dúró ṣinṣin, ihò ajílẹ̀ rẹ̀ wà ní ìka mẹ́rin sí i, wọ́n sì ti fi erùpẹ̀ bò ó. Èkejì rọ, etí ewé rẹ̀ ti gbẹ, ajílẹ̀ wà ní ìdí rẹ̀ gbọnrangandan. Kò sí àmì kankan. Nígbà tí a tún gbé e lọ, ọmọ ọdún méje kan tó dúró lẹ́yìn bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ pé, "Wọ́n ti pa èyí."

Ìdérí ìgò pàápàá, a kò yà á lásán mọ́. Inú ọwọ́ obìnrin ló wà, àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ló dì í mú, ojú tó rí ìka ti mọ bí ìdérí ṣe tóbi tó.

Ti yúríà yàtọ̀ díẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé irú èyí ti máa ń ṣìnà. Yúríà fúyẹ́ ju fífítìn lọ. Ìdérí kan náà tó gba gíráàmù márùn-ún fífítìn, mẹ́rin péré ló gbà nígbà tí mo bu yúríà sí i. Ìwé fẹ́ márùn-ún. Mo lè kọ "ìdérí kan àti ìdá mẹ́rin," ṣùgbọ́n mo ti rí ojú màmá yẹn nígbà tí mo pe hẹ́kítà. Ọ̀gá ní kí n fi sílẹ̀ ní ìdérí kan, pé èyí tó dín yẹn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí àgbẹ̀ máa ń pàdánù tí kò bá bo yúríà mọ́lẹ̀. Mo gbà fún un lórí ìyẹn. Yúríà tó bá wà lórí ilẹ̀ gbalasa á máa di afẹ́fẹ́ lọ. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn ìrì á gbóòórùn rẹ̀, ó ń rùn bí ìtọ̀ ewúrẹ́, owó àgbẹ̀ ló ń lọ yẹn. Nínú ìwé, gbólóhùn bíbò yìí ni mo kọ ní lẹ́tà tó tóbi jù lọ.

Igba, igbá, ìgbà

Ìwé padà ti ibi ìtẹ̀wé dé ní ọjọ́ Ẹtì kan. Mo ṣí i, àyà mi já. Fọ́ǹtì tí wọ́n lò kò mọ àmì ohùn, ó ti gbé gbogbo rẹ̀ jẹ, àti ti òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ibi tí mo ti kọ pé kóńgò méjì fún igba ìdí, "kongo meji fun igba idi" ló wà níbẹ̀. Mo fún aládùúgbò mi tó ń ránṣọ, mo ní kó kà á. Ó ní, "Kóńgò méjì fún igbá... igbá kí ni?" Ó dúró, ó tún un kà, ó ní bóyá igbá kan ló tó kóńgò méjì.

Ká ní inú ìwé ìtàn ni, kò burú, òǹkàwé á fi ọ̀rọ̀ tó yí i ká mọ̀ ọ́n. Inú ìwé ìwọ̀n ni èyí wà, níbi tí igbá náà ti jẹ́ ohun tí a fi ń wọn nǹkan. Wọ́n tún un tẹ̀, owó gé wa lára. Àmọ́ kí wọ́n tó tún un tẹ̀, mo yọ ọ̀rọ̀ "igba" kúrò pátápátá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìwé náà. Mo fi 200 rọ́pò rẹ̀. Àwọn tí kò mọ̀wé kà pọ̀ tó mọ nọ́ńbà, nítorí owó àti fóònù ti kọ́ wọn. Lábẹ́ rẹ̀ a ya kóńgò méjì tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ìdérí oògùn ikọ́

A padà sí abúlé náà nígbà tí àgbàdo wọn ti kọjá orúnkún. Ti màmá dúdú minimini títí dé bí ìdajì oko, lẹ́yìn ìyẹn ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Mo rò pé ajílẹ̀ ló tán mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ní rárá, pé òun mọ ibi tí yóò parí sí kí òun tó bẹ̀rẹ̀, òun ti fi igi gún ibẹ̀. Ìlà òkè ló mú, kò mú ti ìsàlẹ̀. Ó ní òun fẹ́ fi ojú òun rí ìyàtọ̀ rẹ̀ lọ́dún kan ná.

Mo béèrè ìdérí ìgò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. "Ìdí kan, ẹ ní kí n bù ú lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀ọ́dúnrún ìdí ńkọ́? Ẹ̀yin ni ẹ máa gbé ẹ̀yìn mi lọ sọ́sibítù?" Ó tú etí ìró rẹ̀, ó yọ ìdérí ike kékeré kan jáde, irú èyí tó máa ń wà lórí ìgò oògùn ikọ́ ọmọdé, tí wọ́n fa ìlà 5, 10 àti 15 sí lára. Ó ní òun bu ìdérí mẹ́ta sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó dé orí ìlà tó ga jù, òun kò sì tún padà sórí ìdérí ìgò mọ́. Ìwọ̀n mi wà nínú báàgì. A wọ̀n ọ́n lórí àpótí rẹ̀: gíráàmù 15, ó fi díẹ̀ lé.

Inú mi ń dùn lọ́wọ́ nígbà tí ojú mi bọ́ sára ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, oògùn wà nínú ìgò rẹ̀ tẹ́lẹ̀?" Ó ní ó kù díẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ìdérí náà má padà sílé mọ́ láé, kí wọ́n fi ṣíbí mìíràn wọn ti ọmọ. Ó gbọ́ mi lágbọ̀ọ́yé. Ó fi ìṣó gbígbóná lu ihò sí i létí, ó fi okùn pupa sí i, ó sì ní kí ọmọkùnrin rẹ̀ lọ so ó mọ́ igi tí ó gún sí àárín oko.